Nígbà Tí Ọ̀fun Bá Ń Dun Ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Sitirẹ́ẹ̀pù Ni, àti Ohun Tó Kan Ọkàn Nínú Ọ̀rọ̀ Náà

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu nígbà tí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún wọn: ọ̀fun tí kòkòrò sitirẹ́ẹ̀pù bá kọ lù máa ń san fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5, ibà á ti lọ, ọmọ á ti máa gbé nǹkan mì, á sì ti padà sídìí eré, ì báà lo oògùn, ì báà má lò ó. Gbogbo ohun tí oògùn ń ṣe fún ọ̀fun yẹn kò ju pé kó fi nǹkan bí ọjọ́ kan dín ìrora kù. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ. Ọkàn ọmọ la ń gba oògùn náà fún, kì í ṣe ọ̀fun. Ẹni tí èyí bá yé, kò tún ní béèrè lọ́wọ́ mi ìdí tí a fi ní kí ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá máa lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí, àwọn ọmọdé ni mo ń tọ́jú. Ẹni tí mo kọ èyí fún ni òbí tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín ọdún 5 sí 15, torí ọjọ́ orí yẹn gan-an ni sitirẹ́ẹ̀pù fẹ́ràn jù. Kì í sábà mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3. Ọmọ kan ni màá tẹ̀ lé láti alẹ́ tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí tí oògùn fi tán, ká lè rí bí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Dàpọ̀. Ọmọ ọdún 8 ni, ó wọn kílò 24.

Alẹ́ àkọ́kọ́: kí ló bá ọ̀fun rìn?

Lọ́jọ́ Àìkú, Dàpọ̀ ṣeré títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di aago 7, ó ní orí ń fọ́ òun. Kó tó di aago 10, tẹmọmítà ti ka 39.2, ó ti bì lẹ́ẹ̀kan, ó ní inú ń run òun, itọ́ lásán ò sì ṣeé gbé mì, àfi bíi pé ẹ̀gún há síbẹ̀. Kò wúkọ́. Imú rẹ̀ gbẹ.

Ohun méjì tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè, àwọn òbí sì kì í sábà ronú kàn án. Nínú ọmọ 10 tí ọ̀fun ń dùn, nǹkan bíi 7 tàbí 8 ló jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló fà á, irú èyí tó ń fa ọ̀fìnkìn. Fáírọ́ọ̀sì kì í sì í dá wá. Ó máa ń mú ikọ́ dání, tàbí ikun imú, tàbí kí ohùn ọmọ há, tàbí kí ojú rẹ̀ pọ́n, tàbí kí egbò kéékèèké yọ sí i lẹ́nu. Tí ọ̀fun bá ń dun ọmọ yín tó sì tún ń wúkọ́, tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sitirẹ́ẹ̀pù. Ẹ fún un ní omi dáadáa, ẹ fún un ní oògùn ìrora, ẹ jẹ́ kó sinmi. Oògùn apakòkòrò ò ní ṣe é láǹfààní kankan, torí kì í pa fáírọ́ọ̀sì.

Sitirẹ́ẹ̀pù ní tirẹ̀ máa ń ṣàdédé wọlé ni. Òbí á lè sọ wákàtí tó bẹ̀rẹ̀. Ibà, ìrora ọ̀fun, orí fífọ́ ló sábà ń jọ rìn, inú rírun àti èébì sì wọ́pọ̀ lára àwọn ọmọdé débi pé àwọn kan á kọ́kọ́ rò pé inú ló ń ṣe ọmọ.

Ẹ wo inú ọ̀fun, ẹ fọwọ́ kan ọrùn

Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ẹ ní kó wí pé "áà." Tí ahọ́n bá dí yín lójú, ẹ rọra fi ìdí ṣíbí tẹ iwájú ahọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ má ti ṣíbí náà dé ẹ̀yìn, á bì lé yín lọ́wọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀fun, ẹ ó rí kókó ẹran méjì tó dojú kọra, àwọn ni tọ́ńsílì. Ti Dàpọ̀ ti wú, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, nǹkan funfun bí ọyún sì wà lára rẹ̀ ní gátagàta. Lókè àjà ẹnu rẹ̀, níbi tó ti rọ̀ lápá ẹ̀yìn, àmì pupa tíntìntín wà níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìka méjì méjì tẹ abẹ́ páárí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, níwájú ọrùn. Kókó tó wú níbẹ̀, tó sì mú kí ọmọ fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, wúlò láti mọ̀. Ẹ ṣí ẹ̀wù rẹ̀ pẹ̀lú. Tí ara bá sú lára àyà àti ikùn, tí ọwọ́ bá sì gbà á bí ìgbà tí a fọwọ́ pa pépà tí káfíńtà fi ń ha igi, sitirẹ́ẹ̀pù tó ń tú májèlé sára ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà máa ń ka nǹkan 4 pọ̀: ara tó gbóná ju 38 lọ, àìsí ikọ́, kókó ọrùn tó ń dùn, àti tọ́ńsílì tó wú tàbí tó ní nǹkan funfun lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 1, ọmọ tó wà láàárín ọdún 3 sí 14 á sì tún gba 1 kún un. Dàpọ̀ gba gbogbo máàkì 5. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: nínú àwọn ọmọ tó gba máàkì tó pọ̀ jù lọ pàápàá, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé sitirẹ́ẹ̀pù ló ń ṣe wọ́n. Fáírọ́ọ̀sì mélòó kan wà tó ń mú nǹkan funfun bo tọ́ńsílì. Mo ti wo ọ̀fun ọmọ kò níye, mo ṣì máa ń ṣì í mọ̀. Nítorí náà, ojú lásán kò tó. Ohun tí ojú wà fún ni kó sọ fún wa ẹni tó yẹ ká ṣe àyẹ̀wò fún.

Kí n tó lọ sórí àyẹ̀wò, àwọn ọmọ kan wà tí kò yẹ kó dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọmọ tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ torí pé kò lè gbé e mì, ọmọ tí kò lè la ẹnu dáadáa tàbí tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹni tó ki nǹkan gbígbóná bọ ẹnu, ọmọ tí èémí rẹ̀ ń dún bó ṣe ń fà á sínú, ọmọ tí ọrùn rẹ̀ gan, ọmọ tí kò mu omi tí kò sì tọ̀ láti àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru náà. Bákan náà ni ọmọ tí ọrùn rẹ̀ wú bọ̀ọ̀, tí awọ eérú kan lẹ̀ mọ́ ọ̀fun rẹ̀, pàápàá tí kò bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Dìfitéríà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í sì í fi falẹ̀.

Àyẹ̀wò, àti ìdí tí kò fi yẹ ká ṣe é fún gbogbo ọmọ

Ìyá Dàpọ̀ fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan la máa ń ṣírò rẹ̀ sí, nítorí náà 360 ni tirẹ̀, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lóòjọ́. Kò fún un ní asipirínì, ó sì ṣe dáadáa. Ọmọ tí a ò tíì mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì ló ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ lo asipirínì, torí ó lè dá àìsàn burúkú kan sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n wá sọ́dọ̀ wa.

Àyẹ̀wò náà rọrùn, bí inú ọmọ kò tilẹ̀ ní dùn sí i. Òwú tó wà lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ó fi ra tọ́ńsílì méjèèjì àti ògiri ẹ̀yìn ọ̀fun. Kò gbọ́dọ̀ kan ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí itọ́ máa ń ba èsì jẹ́. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kàn fi òwú kan iwájú ahọ́n ọmọ yín torí pé ó ń jà, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe; ẹ di ọmọ mú lórí itan yín, kí orí rẹ̀ fẹ̀yìn ti àyà yín. Ẹ má ṣe fún un ní oògùn apakòkòrò kankan ṣáájú o. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan péré lè pa kòkòrò náà mọ́ wa lójú.

Èsì àyẹ̀wò kíákíá máa ń jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tó bá ní sitirẹ́ẹ̀pù wà, ẹ gbà á gbọ́. Tó bá ní kò sí, ó ṣì lè wà: ó máa ń fo àwọn ọmọ díẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fi òwú kejì ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n lè gbin kòkòrò inú rẹ̀, èsì ìyẹn á sì gba ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù ọjọ́ méjì yìí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Oògùn tí a bá bẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 9 lẹ́yìn tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ṣì ń dáàbò bo ọkàn. Ọjọ́ Àìkú ni ti Dàpọ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ó ní títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí ẹni tó pẹ́ dé má sọ pé ó ti bọ́. Kí ẹni tó tètè dé má bẹ̀rù láti dúró de èsì.

Kí ló dé tí a kì í fi í ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ tó ń wúkọ́, tí imú rẹ̀ ń ṣàn? Torí pé nǹkan bí ọmọ 1 nínú 10 nílé ẹ̀kọ́ ló ń gbé sitirẹ́ẹ̀pù kiri nínú ọ̀fun láìṣe é ní nǹkan kan. Tí ọ̀fìnkìn bá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí a sì ra ọ̀fun rẹ̀, èsì á ní sitirẹ́ẹ̀pù wà. Òótọ́ ni, ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló ń dun ọmọ. Mo mọ ilé kan tí wọ́n fún ọmọ ní oògùn apakòkòrò lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún kan nítorí èyí, gbogbo rẹ̀ fún ọ̀fìnkìn. Ìdí kan náà ni a kì í fi í ṣe àyẹ̀wò fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí nǹkan kan ò ṣe, àfi tí ẹnì kan nínú ilé bá ti ní ibà rùmátíìkì rí, ìyẹn àìsàn tó ń tẹ̀ lé sitirẹ́ẹ̀pù tó sì lè ba ọkàn jẹ́.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tún wà tí àwọn kan máa ń ní kí òbí lọ ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní ASO. Ẹ má náwó lé e lórí ọ̀fun tó ń dùn lọ́wọ́. Ohun tí ara fi bá sitirẹ́ẹ̀pù jà ló ń kà, ara kì í sì í tíì ṣe é tó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ga, ó lè jẹ́ èyí tó mú un lóṣù méjì sẹ́yìn. Ìgbà tí yóò wúlò ń bọ̀ níwájú.

Ibi tí kò bá sí àyẹ̀wò rárá, tí ibà rùmátíìkì sì wọ́pọ̀ níbẹ̀, dókítà á lo máàkì tí mo kà sókè, á sì tọ́jú ọmọ bíi Dàpọ̀ láìdúró. Níbi tí àìsàn náà ti ṣọ̀wọ́n, dókítà lè ní kẹ́ ẹ ṣì máa wò ó ná. Ìmọ̀ràn méjèèjì kò ta kora. Ewu tó wà níbì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wò.

Ohun tí sitirẹ́ẹ̀pù ń ṣe sí ọkàn

Èsì Dàpọ̀ ní sitirẹ́ẹ̀pù wà. Ìyá rẹ̀ béèrè ìbéèrè tó yẹ: báwo ni ohun tó wà lọ́fun ṣe dé ọkàn?

Kòkòrò náà kì í rìn dé ọkàn. Ẹ ronú ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru, tí olè wọlé, tí ó sì rí ẹ̀wù tí olè náà wọ̀. Ó lé olè lọ tán, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì onílé fúnra rẹ̀ wọ ẹ̀wù tó jọ ọ́ jáde, ọlọ́dẹ sì gbé ìbọn sókè. Awọ ara sitirẹ́ẹ̀pù ní ohun kan tó jọ ẹran ara ọkàn. Àwọn ọmọ ogun ara tó kọ́ láti mọ sitirẹ́ẹ̀pù lè wá dojú kọ ọkàn, oríkèé ara, awọ ara àti ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn tí ọ̀fun ti san kí ìyọnu tó dé, nígbà tí kò sẹ́ni tó rántí ọ̀fun mọ́. Òun là ń pè ní ibà rùmátíìkì.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń bá. Ní 1950, àwọn dókítà kan tó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Fort Warren, ní Wyoming, gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde. Nínú nǹkan bíi 800 tí sitirẹ́ẹ̀pù mú tí wọn kò fún ní pẹnisílìnì, 17 ló ní ibà rùmátíìkì. Nínú nǹkan bíi 800 tí wọ́n fún, 2 péré ni. Inú bárékè tí àrùn ti ń ràn bí iná ọyẹ́ ni wọ́n ti rí èyí. Láàárín ìlú, ewu náà sábà máa ń kéré sí i. Ẹ wo nọ́ńbà yẹn lọ́nà méjì: ọ̀pọ̀ ló bọ́ láìlo oògùn, èyí ló sì ń tan àwọn òbí jẹ, torí ọmọ aládùúgbò kò lo nǹkan kan, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bọ́, ọkàn ló fi san án.

Inú ọkàn ni àwọn fáàfù wà, ìlẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí kí ẹ̀jẹ̀ lè kọjá, tó sì ń tì kó má baà padà sẹ́yìn. Èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ni ibà rùmátíìkì fẹ́ràn jù. Ó máa ń wú, ó máa ń jò. Tí sitirẹ́ẹ̀pù bá tún padà wá, ó máa ń tún un ṣe. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àpá á mú un le, á sì fún un pọ̀. Oríkèé tó wú máa ń padà sípò. Ìlẹ̀kùn ọkàn tó ti ní àpá kì í sábà padà.

Oògùn: ìṣirò tó máa ń dani rú

Pẹnisílìnì ni, títí di òní. Kò tíì sí ìgbà tí a rí sitirẹ́ẹ̀pù yìí kí pẹnisílìnì má ràn án lára aláìsàn, ohun àrà ni lójú tèmi, pẹ̀lú bí àwọn kòkòrò yòókù ṣe ti ya olóríkunkun. Ọmọ tí kò tó kílò 27 máa ń lo pẹnisílìnì oníhóró ti mílígíráàmù 250, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ẹni tó ju bẹ́ẹ̀ lọ á lo 500. Ọjọ́ 10 gbáko ni.

Amọkisisílìnì jẹ́ ẹbí pẹnisílìnì, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ torí kò korò, òun ni dókítà kọ fún Dàpọ̀. Mílígíráàmù 50 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kó má sì ju 1,000 lọ. Kílò 24 lọ́nà 50 jẹ́ 1,200, nítorí náà 1,000 ni ó dúró sí. Omi oògùn tí wọ́n fún un ní 250 nínú mílílítà 5 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé mílílítà 20 ni yóò máa mu lóòjọ́, kí wọ́n fi sìríńjì wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ilé ìdáná.

Ibí ni mo ti bá ìyá rẹ̀ jókòó. Ìgò kan jẹ́ mílílítà 100. Pín in sí 20: ọjọ́ 5. Ìgò kan yóò tán lọ́jọ́ Sátidé, Dàpọ̀ á sì ti máa gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, kò sì sí ohun tí yóò dà bí ìparí ìtọ́jú ju ìgò tó ṣófo lọ. Mo ti rí i lẹ́yìn èyí lọ́pọ̀ ìgbà: òbí tó dá mi lójú pé ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ìgò kan ni wọ́n fún un, ó sì lo ìgò kan náà tán. Ìgò méjì ni Dàpọ̀ nílò. Ẹ ṣe ìṣirò yín kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ apòògùn. Kí ẹ má sì da omi sínú ìgò kejì títí ọjọ́ tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, torí oògùn tí a ti pò kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìgò á sọ iye ọjọ́ tó lè lò.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10 rẹ̀ sì jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá rẹ̀ fa ìlà 10 sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, Dàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fagi lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n bá rántí, kí wọ́n má sì fi méjì pọ̀.

Ilé tí ẹ bá ti mọ̀ pé ọjọ́ 10 kò ní ṣeé ṣe, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láìtijú. Abẹ́rẹ́ kan wà, bẹnsatáìnì pẹnisílìnì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, sínú ẹran: yúníìtì 600,000 fún ọmọ tí kò tó kílò 27, àti 1,200,000 fún ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń dunni gan-an, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ó parí níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú sínú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọmọ tí pẹnisílìnì kì í bá lára mu, oògùn mìíràn wà fún un. Ẹ ṣàlàyé ohun tó ṣe é gan-an nígbà náà lọ́hùn-ún, bóyá ara ló kàn sú, tàbí ẹnu ló wú tí èémí sì há, torí èyí ni dókítà yóò fi mú oògùn. Tetirasáíkílìnì àti kotirimọkisasóòlù kò sí lára wọn o, bí ẹ bá tilẹ̀ ní ìyókù nílé. Wọn kì í mú sitirẹ́ẹ̀pù kúrò lọ́fun dáadáa.

Dàpọ̀ padà sílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí ó ti lo oògùn ju wákàtí 24 lọ tí ibà sì ti lọ. Lẹ́yìn wákàtí yẹn, kì í sábà ràn ẹlòmíràn mọ́. Tí ibà kò bá tíì lọ lẹ́yìn ọjọ́ 3 tó ti ń lo oògùn, ẹ dá a padà. Ó lè jẹ́ pé ọyún ti kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ńsílì, ó sì lè jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀ látìgbà yẹn, tí sitirẹ́ẹ̀pù tí a rí kàn ń gbé ibẹ̀ jẹ́ẹ́. Tí ara bá sì ti yá, kò sí ìdí láti tún ọ̀fun rà láti mọ̀ bóyá kòkòrò ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ 5 tó tẹ̀ lé e

Mo fẹ́ sọ nípa ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún 11. Wọ́n gbé e wá torí orúnkún. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ wú, ó gbóná, kò jẹ́ kí aṣọ ìbora kan òun. Kó tó di ọjọ́ kejì, orúnkún yẹn ti ń rọlẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ òsì ló kù tí kò lè fi tẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìgbọ̀nwọ́. Ìrora tó ń ṣí kiri báyìí, láti oríkèé kan sí òmíràn, pẹ̀lú ibà, ẹ má pè é ní ìrora ọmọ tó ń dàgbà. Níbì kan tí wọ́n ti kọ́kọ́ lọ, wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ní bọ́ọ̀lù ló fi ṣèṣe. Ọmọ náà kì í gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tí dókítà gbé ìgbọ́ran lé e láyà, ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Láàárín ìlù méjèèjì tí ọkàn ń lù, ariwo kan wà níbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ihò jáde. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo ọkàn lójú ẹ̀rọ fi hàn pé fáàfù apá òsì ń jò. Nígbà yìí ni ASO wá wúlò: ó ga, ó sì jẹ́rìí sí i pé sitirẹ́ẹ̀pù ti kọjá níbẹ̀. Mo béèrè nípa ọ̀fun. Ìyá rẹ̀ ronú títí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti pé wọ́n fún un ní oògùn. Ọjọ́ mélòó? Ọjọ́ 3, torí ara rẹ̀ ti yá. Wọ́n tọ́jú ìyókù pa mọ́ fún àbúrò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, abẹ́rẹ́ bẹnsatáìnì kan náà yẹn ló ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, kí sitirẹ́ẹ̀pù mìíràn má baà tún bá fáàfù náà. Ọmọ tí ibà rùmátíìkì kò dé ọkàn rẹ̀ á gbà á fún ọdún 5 tàbí títí di ọdún 21, èyí tó bá pẹ́ jù. Ẹni tí fáàfù rẹ̀ bàjẹ́ tí kò sì padà sípò, ó kéré tán ọdún 10, tàbí títí di ọdún 40, àwọn mìíràn títí ayé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìbá gbà á lọ́jọ́ ọ̀fun.

Mi ò ní sọ pé ẹ̀bi ìyá yẹn ni. Àwọn tó pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ní ibà rùmátíìkì, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, kò sẹ́ni tó rántí pé ọ̀fun dùn wọ́n rárá. Pẹnisílìnì tí a lò pé pàápàá kò dá gbogbo rẹ̀ dúró, ó kàn dín in kù gidigidi ni. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ìyá Dàpọ̀ kọ ọjọ́ tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn bébà oní-ìlà 10 náà, kó ka ọ̀sẹ̀ 5 síwájú.

Ohun tó ń ṣọ́ láàárín àkókò náà kò pọ̀. Oríkèé tó wú tàbí tó ń dùn láìṣubú, pàápàá tó bá ń ṣí kiri. Ọmọ tí èémí rẹ̀ ń gbé sókè tó bá gun àtẹ̀gùn, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí tí àyà ń já kìkì. Àmì pupa bí òrùka lára tó ń fẹ̀ tí kò sì yún ọmọ. Ìtọ̀ tó dúdú bí omi ìṣó tó dípẹtà, pẹ̀lú ojú tó wú láàárọ̀, tọ́ka sí kíndìnrín. Ìyẹn náà lè tẹ̀ lé sitirẹ́ẹ̀pù, pẹnisílìnì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtọ́jú kíákíá.

Ọ̀kan wà tó máa ń kọjá ọ̀sẹ̀ 5, ó lè tó oṣù 6. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í já nǹkan bọ́ lọ́wọ́. Ìwé rẹ̀ tó máa ń dára tẹ́lẹ̀ á di wúruwùru. Ọwọ́ tàbí ojú rẹ̀ á máa fò láìjẹ́ pé ó fẹ́ kó fò, á sì dáwọ́ dúró tó bá ti sùn. Inú rẹ̀ á máa yára bàjẹ́, á máa sunkún. Olùkọ́ á ní ó ń ṣe àìgbọràn. Ní àkókò yìí, ASO lè ti wálẹ̀ padà, nítorí náà èsì tó dára kò ní kó tán.

Tí ọ̀kankan nínú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún dókítà pé orúnkún nìkan ni. Ẹ sọ pé ọ̀fun dùn ún ní ọjọ́ báyìí-báyìí, pé èsì ní sitirẹ́ẹ̀pù, pé oògùn báyìí ló lò fún iye ọjọ́ báyìí. Kí ẹ sì ní kó bá yín fetí sí ọkàn rẹ̀.